Kí Ni Dókítà Ń Kọ Nípa Fọ́tò Egungun Ọrùn Ọwọ́?

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀ ènìyàn, ọwọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ nà sílẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni yóò kan ilẹ̀, gbogbo ìwúwo ara yóò sì já lé ọrùn ọwọ́. Ìdí nìyí tí egungun ibẹ̀ fi wà lára àwọn egungun tí ó máa ń kán jù lọ, pàápàá lára àwọn ọmọdé tí ń sáré kiri àti àwọn ìyá àgbà tí egungun wọn ti ń fúyẹ́.

Bí a bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, wọn yóò ya fọ́tò ẹksiréè, dókítà yóò sì kọ ìwé kan nípa rẹ̀. Àwọn ará ilé a máa wo ìwé náà bí àdììtú. Ṣùgbọ́n kò nira tó bí ó ti rí. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni dókítà ń dáhùn nínú rẹ̀: egungun wo ni ó kán, báwo ni ó ṣe kán, ǹjẹ́ ó yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, àti pé ǹjẹ́ ó tẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 58 ṣe àpẹẹrẹ. Ó yọ̀ ṣubú lórí sìmẹ́ńtì tútù lẹ́yìnkùlé, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wú, ó sì tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì ìjẹun.

Egungun wo ni ó kán?

Egungun gígùn méjì ni ó wà láàrin ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Èyí tí ó wà níhà àtàńpàkò ni àwọn dókítà ń pè ní rédíọ́ọ̀sì. Èyí tí ó wà níhà ọmọńdinrín ni ọ́lúnà. Rédíọ́ọ̀sì ni ó gbòòrò jù ní ọrùn ọwọ́, òun náà ni ó sì máa ń kán jù. Dókítà kọ nípa ìyá wa yìí pé rédíọ́ọ̀sì ọwọ́ òsì kán ní ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí oríkèé ọrùn ọwọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà L tàbí R máa ń wà lára fọ́tò náà. L ni ọwọ́ òsì, R ni ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé fọ́tò méjì ni wọ́n ń yà: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n fẹ́ fi owó yín ṣòfò. Egungun tí ó dàbí ẹni pé ó gún régé bí a bá wò ó láti iwájú lè ti tẹ̀ gan-an bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bí igi tí ó fì sí ọ̀dọ̀ wa ṣe máa ń dàbí èyí tí ó dúró ṣánṣán.

Báwo ni ó ṣe kán?

Níhìn-ín, dókítà ń wo ojú ìlà tí egungun gbà kán. Ó lè kán gbọọrọgbọ ní ìbú, ó lè kán dagẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí a fi àdá gé ìrèké, ó sì lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ ju ègé méjì lọ. Yóò tún sọ bóyá ìlà náà wọ inú oríkèé tàbí kò wọ̀ ọ́, nítorí pé ojú oríkèé gbọ́dọ̀ dán kí ọwọ́ tó lè yí fàlàlà. Yóò sọ pẹ̀lú bóyá awọ ya níbi tí egungun ti kán. Bí awọ bá ya, kòkòrò àrùn lè wọlé sínú egungun. Irú èyí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ti àwọn ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Egungun wọn rọ̀ bí ẹ̀ka igi tútù. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò ya, tí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò kàn tẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, egungun náà yóò kàn sún kì, yóò sì wú kókó ní ojú kan láìya rárá. Èyí ni ó rọrùn jù láti wò. Ìlà dúdú kan tún máa ń wà nítòsí oríkèé ọmọdé nínú fọ́tò. Kì í ṣe pé egungun kán níbẹ̀. Ibẹ̀ ni egungun ti ń dàgbà, kò sì tíì le tó láti hàn funfun.

Ti ìyá wa yìí, dókítà kọ pé ó kán ní ìbú, pé ìlà náà kò wọ oríkèé, àti pé awọ kò ya.

Yíyẹ̀ àti títẹ̀

Ohun méjì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀ jù. Ẹ ronú nípa búlọ́ọ̀kù méjì tí bíríkìlà tò lé ara wọn. Bí èyí òkè bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n tí ó sì tẹ́jú síbẹ̀, ó ti yẹ̀. Bí kò bá sún rárá, ṣùgbọ́n tí ó fì, ó ti tẹ̀. Ó sì lè yẹ̀ kí ó tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Egungun bákan náà ni.

Òfin kan wà tí gbogbo dókítà egungun ń tẹ̀ lé: ègé tí ó súnmọ́ ìka ọwọ́ ni a máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, a ó sì fi í wé ègé tí ó súnmọ́ ìgbọ̀nwọ́. Ìyẹn ni pé ègé òkè ni a kà sí èyí tí ó dúró, ègé ìsàlẹ̀ ni ó ṣí kúrò. Ti ìyá wa yìí, ègé ìsàlẹ̀ yẹ̀ sí ìhà ẹ̀yìn ọwọ́ ní ìdá mẹ́rin ìbú egungun náà. Ègé méjèèjì tún wọ ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí rédíọ́ọ̀sì fi kúrú ní mílímítà 4.

Títẹ̀ ni a ń fi dígíríì wọ̀n. Ojú rédíọ́ọ̀sì ní oríkèé kò tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìgbà tí a ti dá a. Ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà àtẹ́lẹwọ́, ní nǹkan bí dígíríì 11. Nínú fọ́tò ẹ̀gbẹ́, dókítà rí i pé ti ìyá yìí ti yí padà, ó sì dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà ẹ̀yìn ọwọ́ ní dígíríì 20. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé dígíríì 20 ni gbogbo ohun tí ó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti kọ́kọ́ pàdánù 11 àkọ́kọ́ kí ó tó dé pẹrẹsẹ, ó wá fi 20 lé e: dígíríì 31 ni ó fi ṣí kúrò ní ipò rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Dókítà kan lè kọ pé ègé ìsàlẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Òmíràn lè kọ pé ṣóńṣó ibi tí ó tẹ̀ dojú kọ àtẹ́lẹwọ́. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Ẹ ká orúnkún yín, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn nígbà tí orúnkún yọ sí iwájú. Bí ẹ bá mú ìwé láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn, tí ó sì dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ wọn takora, ẹ béèrè bóyá ègé ni wọ́n ń sọ tàbí ṣóńṣó.

Irú kíkán tí ó ṣe ìyá yìí ní orúkọ. Kọ́lísì ni wọ́n ń pè é, nítorí Ábúráhámù Kọ́lísì, dókítà iṣẹ́ abẹ ní ìlú Dọ́blìn, tí ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1814. Ẹksiréè kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1895 ni Rọ́ńjẹ̀n ṣe àwárí rẹ̀ ní Jámánì. Ojú àti ọwọ́ nìkan ni Kọ́lísì fi mọ̀ ọ́n.

Ìwúlò àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí

Lára àgbàlagbà tí ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí egungun bá ṣì dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn ju dígíríì 10 lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti tò ó, tàbí tí ó kúrú ju mílímítà 3 lọ, tàbí tí ojú oríkèé ga ju ara rẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tí ó ju mílímítà 2, dókítà a máa ronú nípa iṣẹ́ abẹ. Lára àwọn tí ó ti kọjá ọdún 65, ọwọ́ lè tẹ̀ díẹ̀ kí ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa síbẹ̀. Nítorí náà, dókítà lè fi irú èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fún ìyá wa ní abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí ó mọ ìrora, wọ́n fa egungun náà, wọ́n tò ó, wọ́n sì fi pí-o-pí dì í. Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà fi hàn pé ó ti padà dagẹ̀rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ní dígíríì 5, kò sì kúrú ju mílímítà 1 lọ. Inú gbogbo ilé dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fọ́tò tuntun fi hàn pé ó ti tún dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn ní dígíríì 14. Ìrora rẹ̀ kò pọ̀ sí i, pí-o-pí kò sì fọ́. Wíwú ọwọ́ ni ó ti lọ sílẹ̀, tí pí-o-pí wá ṣófo nínú, tí egungun sì ráyè yọ̀. Nítorí pé wọ́n ti kọ ìwọ̀n àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n rí i kíá, wọ́n sì fi wáyà irin tò ó padà kí egungun tó so pọ̀ ní wíwọ́. Ká ní ó dúró sílé títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà ni, ìbá ti so bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí a kì í fi pa ọjọ́ àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì jẹ. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ọwọ́ nìkan kò fi tó láti fi to egungun ọrùn ọwọ́. Àwọn tí ń to egungun nílé mọ ibi tí ó wú àti ibi tí ó wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí ó lè mọ dígíríì 14 lábẹ́ wíwú, tàbí bóyá ìlà wọ inú oríkèé.

Ẹ tọ́jú fọ́tò àti ìwé rẹ̀ síbi gbígbẹ, kí ẹ sì mú àwọn ti àtijọ́ dání ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà lọ, kí dókítà lè fi ti òní wé ti àná. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i nínú pí-o-pí, bí ìka bá tutù, tí ó funfun tàbí tí ó dúdú, tàbí bí àtàńpàkò àti ìka méjì tí ó tẹ̀ lé e bá kú tipiri, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ gbé aláìsàn náà padà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.