Kí Ìyá Ilé Tó Lọ Edé

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọbẹ̀ kò ì tíì délẹ̀ bí edé lílọ̀ kò bá sí nínú rẹ̀. Ó ń wọ ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí, ìkókoré, mọ́ínmọ́ín, àní àwọn kan ń bù ú sí ewédú pàápàá. Nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú rí i mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba edé kò fi lè gbẹ́kẹ̀ lé pé òun á máa ṣà á kúrò nínú àwo. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń gbèrò láti pè wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin náà ti ta á lólobó. Kí ìyá tó pè é gan-an, ó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i lórí fóònù:

“Ẹ káàsán mà, Mọ́mì. Mo gbọ́ pé ẹ ń gbèrò láti ṣe wá lálejò, ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ara mi kì í gba edé àti akàn rárá, bó ti wù kó kéré tó. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn wọn o. Tí mo bá jẹ wọ́n, ọ̀fun mi máa ń wú, mi ò sì ní lè mí dáadáa. Mo ń jẹ ẹja, ẹran, adìyẹ àti irú. Ẹ má torí tèmi yí oúnjẹ tí ẹ fẹ́ sè padà. Tí ẹ bá lè bu ata díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ìkòkò mìíràn kí edé tó wọ ọbẹ̀, ó ti tó mi. Màá pè yín lálẹ́ òní. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, mà.”

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ló wà níbẹ̀. Ìyá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí bí ènìyàn bá kàn ní òun kì í jẹ edé, olúwarẹ̀ lè rò pé èèwọ̀ ìdílé ni, tàbí pé àlejò náà ń ṣe fáàrí, kó sì bu ìwọ̀nba sí i pẹ̀lú ọkàn rere. Gbólóhùn “bó ti wù kó kéré tó” ló ń dènà ìyẹn. Ohun tó ń dààmú ara nínú edé jẹ́ èròjà purotéènì kan tí ooru iná kì í bà jẹ́. Kéèyàn sè é pẹ́ kò mú un kúrò.

Ọmọ náà sì sọ ohun tó lè jẹ. Èyí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, tí wọ́n á wá fi olóúnjẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdààmú. Ẹja yàtọ̀ sí edé, ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn kọ edé ló ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Ti ìgbín kò rí bẹ́ẹ̀: ara àwọn kan tó kọ edé máa ń kọ òun náà, nítorí náà ó dára kí ẹni tó mọ̀ pé ó ń ṣe òun dárúkọ rẹ̀.

Ìpè alẹ́ náà ló kù, ibẹ̀ sì ni a ti ń rí ohun tó fara sin. Ṣé inú òróró tí wọ́n ti fi dín edé ni wọ́n máa dín ẹja? Ṣé màgí tí wọ́n fi edé ṣe ni wọ́n ń lò? Ta ló máa sè é gan-an? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí lágbára, torí ìyá lè gbọ́, kí àbúrò rẹ̀ tó wá ràn án lọ́wọ́ ní ìdáná má gbọ́. Ṣíbí kan náà tí wọ́n fi ro ẹ̀fọ́ eléde ni ó lè tì bọ inú ìkòkò kejì.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní kí àwọn tó ń ta oúnjẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí èyíkéyìí nínú ohun 14 kan bá wà nínú rẹ̀. Ìdílé edé àti akàn jẹ́ ọ̀kan, ìdílé ìgbín sì jẹ́ òmíràn. Òfin yẹn kò wọ ìdáná ilé ẹni. Láàárín àna àti àna, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà.

Bí ìyá bá wá sọ pé òun ti lọ edé mọ́ gbogbo ata tó wà nílé ńkọ́? Kí ọmọ náà dúpẹ́, kó jẹun nílé rẹ̀ kó tó lọ, kó sì bá wọn jẹ èso. Bí dókítà bá ti fún un ní abẹ́rẹ́ adirẹnalínì, kó mú un dání, kó sì fi ibi tó wà han àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó sídìí oúnjẹ.