Súìṣì Méjì Lórí Ínfátà: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iná Tó Ń Yí Padà Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó bá ti dúró ti oníṣẹ́ sólà lẹ́nu iṣẹ́ á ti rí i: bí wáyà bátìrì bá ṣe kan ẹnu ínfátà báyìí, iná á ta pàrà, ẹnu wáyà á sì dúdú. Kì í ṣe pé ínfátà ti bàjẹ́. Kapásítọ̀ ńlá tó wà nínú rẹ̀ ló fà á. Iṣẹ́ kapásítọ̀ ni láti kó iná pamọ́, bó bá sì ṣófo pátápátá, á fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Bátìrì wa jẹ́ fóòtì 48, kapásítọ̀ sì jẹ́ fárádì 0.01. Ìdènà tó wà nínú bátìrì, wáyà àti ojú ìsopọ̀ lápapọ̀ jẹ́ óòmù 0.02. Tí a bá pín 48 sí 0.02, áńpíà 2,400 la ó rí. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè yọ́ ojú súìṣì, kó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tí kò fi ní ṣeé pa mọ́.

Nítorí èyí làwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń lo súìṣì méjì. Súìṣì kìíní ń mú iná gba inú rẹ̀sísítọ̀ óòmù 50 kọjá. Súìṣì kejì ń so bátìrì mọ́ ínfátà tààrà. Kìíní la ó kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn náà la ó tan èkejì.

Nígbà tí kìíní nìkan bá wà lójú iṣẹ́, a ó sọ óòmù 50 di púpọ̀ ní ìlọ́po fárádì 0.01, yóò fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá 0.5. Èyí ni ìwọ̀n àkókò ọ̀nà iná náà. Ní gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n yìí bá kọjá, àlàfo tó wà láàárín fóòtì bátìrì àti ti kapásítọ̀ á dín kù sí nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àlàfo náà bẹ̀rẹ̀ láti fóòtì 48. Lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó ku 17.7, nígbà tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ku 6.5. Kapásítọ̀ ti dé 41.5 nìyẹn.

Ká ní ìgbà yẹn gan-an la tan súìṣì kejì. Ìdènà já wálẹ̀ láti óòmù 50 sí 0.02, ìwọ̀n àkókò sì di ìṣẹ́jú àáyá 0.0002. Àmọ́ fóòtì kapásítọ̀ kò lè fò lójijì, torí iná tó ti kó jọ kò lè pọ̀ sí i láìgba àkókò rárá. Nítorí náà, ibi tí ìpele kìíní parí sí, ìyẹn 41.5, ni ìpele kejì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Áńpíà ní tirẹ̀ lè fò: 0.13 ni tẹ́lẹ̀, ó sì di 325 lójú ẹsẹ̀.

```
0 ≤ t < 1:  v = 48 − 48·e^(−t/0.5)
t ≥ 1:      v = 48 − 6.5·e^(−(t−1)/0.0002)
```

Ẹ wo `t−1` inú ìlà kejì dáadáa. Ìpele kejì kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo aago; ìgbà tí a tan súìṣì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ `t` lásán síbẹ̀ yóò rí fóòtì 48 lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé kapásítọ̀ fò láti 41.5. Ọ̀nà láti dá àṣìṣe yìí mọ̀ rọrùn: fi 1 sí ipò `t` nínú ìlà méjèèjì. Bí ìdáhùn wọn kò bá dọ́gba, ìṣirò náà kò tọ̀nà.

Áńpíà 325 ṣì pọ̀ jù fún ojú súìṣì. Tí a bá dúró títí di ìṣẹ́jú àáyá 2.5, tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n àkókò kìíní, àlàfo yóò ku fóòtì 0.32 péré, áńpíà kò sì ní ju 16 lọ. Wáyà tó gùn tún máa ń dín áńpíà yìí kù díẹ̀ sí i, torí kì í jẹ́ kí iná sáré dé góńgó.

Ìdúró nìkan kò tó, ṣá o. Bí ohun kan bá ti ń fa iná lára ínfátà nígbà tí súìṣì kìíní nìkan ṣì wà ní títàn, kapásítọ̀ kò ní dé 48 láé. Ká ní ohun náà ní óòmù 50, fóòtì 24 ni yóò dúró sí, bí a tilẹ̀ dúró di alẹ́. Ẹni tó bá tan súìṣì kejì nígbà náà yóò rí áńpíà 1,200.

Nítorí náà, ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná lára ínfátà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi mítà wọn fóòtì láàárín ẹnu méjèèjì súìṣì kejì. Iye tí mítà bá fi hàn ni àlàfo tó kù. Bó bá ṣì ju fóòtì kan lọ, ẹ má tíì tàn án.