Ewé tó ń se oúnjẹ láìdáná: ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Òkòkòmaìkó

Fótósíńtẹ́sìsì. Ọ̀pọ̀ wa la há a sórí ní sẹ́kọ́ńdìrì: ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta ṣe oúnjẹ. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí síbẹ̀. Mo jókòó sí kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì kékeré kan ní Òkòkòmaìkó láìpẹ́ yìí, níbi tí tíṣà ti ní káwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Àǹtí tíṣà lọ sí ìdí igi híbísíkọ́sì, òdòdó pupa tẹ́ ẹ máa ń rí lára fẹ́ǹsì káàkiri Ìbà. Kò já ewé kankan. Ó kàn fi fóìlì tó fẹ̀ bí ìka méjì we àárín ewé kan, lókè àti nísàlẹ̀, ó fi kílíìpì mú un. Ewé kejì, ó fi nọ́ọ́lọ̀nù tó mọ́ gaara we òun náà bákan náà, kò dì í pa. Ó fi wọ́n sílẹ̀ títí di ọ̀sán Wẹ́sìdeè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ méjì? Ewé máa ń kó lára oúnjẹ tó bá ṣe pamọ́ ní sítáàṣì, irú èyí tó wà nínú gààrí. Tí ẹ bá bo ewé fún wákàtí kan péré, sítáàṣì àtẹ̀yìnwá ṣì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúdú, ẹ ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ibi tí fóìlì bò gbọ́dọ̀ ráyè ná ìpamọ́ rẹ̀ tán.

Ohun tó ń dá sítáàṣì mọ̀ ni áyódíìnì, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ní Ọ̀jọ́. Ẹ fi omi là á títí yóò fi dà bí tíì tí ò ní mílíìkì. Tíṣà kọ́kọ́ kán an sórí gààrí, gààrí di dúdú tó ní búlúù nínú. Kíláàsì pariwo.

Nígbà náà ló wá kan ewé. Omi gbígbóná inú fúláàsì ló dà sí abọ́ kan, ó ri ewé sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó lè rọ̀. Ó wá kó wọn sínú ife sípíríìtì kékeré, ó gbé ife náà sínú abọ́ omi gbígbóná mìíràn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sípíríìtì ti di àwọ̀ ewé, ewé fúnra rẹ̀ ti ṣì bíi bébà. Tó bá ṣì tutù bí ewé, omi yẹn ò gbóná tó ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ewé tó jáde nínú sípíríìtì máa ń gan, torí náà ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ sórí àwo funfun.

Ẹ dákun, ẹ ká ibí yìí dáadáa. Ẹ má gbé sípíríìtì lé sítóòfù tàbí gáàsì láé. Èéfín rẹ̀ ń gbaná, ọwọ́ iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú oòrùn, èèyàn lè da sípíríìtì lé e láìmọ̀. Ìdí tí tíṣà fi lo fúláàsì nìyẹn: kò sí iná kankan nínú kíláàsì, ó sì ṣí gbogbo fèrèsé. Òun fúnra rẹ̀ ló da omi gbígbóná. Áyódíìnì ń ba aṣọ jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ kan ojú tàbí ẹnu.

Ó kán áyódíìnì sí ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúdú, àárín tí fóìlì bò kò kúrò ní àwọ̀ tíì. Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni fóìlì dí?"

Ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì ni wọ́n fi lo nọ́ọ́lọ̀nù. Wọ́n kán áyódíìnì sí ewé kejì, àárín rẹ̀ dúdú bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wíwé nìkan kọ́ ló fa ti àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí fóìlì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ní àwọn ọdún 1860, Julius Sachs, ará Jámánì, fi ewé àti áyódíìnì ṣe irú ìdánwò báyìí.

Ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Ìdánwò yìí kò sọ nǹkan kan nípa omi, kò sì fi hàn pé àwọ̀ ewé ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ti àwọ̀ ewé, ewé tó ní àmì funfun lẹ máa lò.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi dán àwọn ọmọ wò rèé, ẹ fi dán àbúrò yín wò. Kí ló fà á tí wọ́n fi yọ àwọ̀ ewé kúrò kí wọ́n tó kán áyódíìnì? Kí ni ewé oní-nọ́ọ́lọ̀nù wà fún? Bí fóìlì bá wà lára ewé fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré, kí la máa rí? Ìkẹrin ló dá ọ̀pọ̀ wọn dúró: bí gbogbo ewé bá jáde ní àwọ̀ tíì, láìsí dúdú kankan, ẹ sọ ohun méjì tó lè fà á. Àwọn tó dáhùn pé òjò àti ìkúùkù lè ti dí oòrùn, tàbí pé omi pọ̀ jù nínú áyódíìnì, ló gba máàkì pé.