Wáyà Aláṣọ Nínú Ilé Àtijọ́: Ibo Ló Yẹ Kí Oníṣẹ́ Iná Ti Bẹ̀rẹ̀?

Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣì wà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta àti Ìsàlẹ̀ Èkó tí iná inú wọn ti wà láti ayé ECN. Tí ẹ bá tú súwíìṣì kan lára ògiri wọn, ẹ lè rí wáyà tí wọ́n fi òwú híhun bò. Rọ́bà ló wà lábẹ́ òwú yẹn, bàbà ló sì wà lábẹ́ rọ́bà. Bàbà náà máa ń funfun díẹ̀, nítorí wọ́n fi tíìnì pa á lára kí imí ọjọ́ inú rọ́bà má bàa jẹ ẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yọ dànù torí pé bàbà rẹ̀ dára ju ti òde òní lọ. Wọn ò kúkú parọ́. Èyí tó ní fọ́nrán méje nípọn ju wáyà 2.5 tí à ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí. Èyí tó ní fọ́nrán mẹ́ta kàn fi díẹ̀ kéré sí 1.5 ni. Àmọ́ bàbà kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ohun tó bò ó ni.

Ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń pa rọ́bà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹnu wáyà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, pàápàá lókè gílóòbù tó ti ń gbóná sí àjà láti ọdún yìí wá. Tí oníṣẹ́ iná bá tú ibẹ̀, tó fi ìka tẹ wáyà náà díẹ̀, rọ́bà á fọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà, bàbà á sì wà ní ìhòòhò. Tí kò bá tú u, ó lè pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kàn pààrọ̀ súwíìṣì kan péré nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ohun tí kò sí sílẹ̀.

Ojú nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀. Ẹnu wáyà lè ti kú kí àárín rẹ̀ tó wà nínú páìpù ṣì rọ̀ bíi tuntun. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mẹ́gà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á pa iná ilé pátápátá, wọ́n á yọ gbogbo gílóòbù, wọ́n á fa gbogbo ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ, wọ́n á wá fi mẹ́gà ti 500 fóòtì sínú wáyà láti mọ bí ohun tó bò ó ṣe ń dá iná dúró tó. Mẹ́góòmù ni wọ́n fi ń kà á. Wáyà tuntun máa ń ju 100 lọ. Èyí tí kò bá tó 1, kò yẹ kí iná máa gbà á kọjá. Ìgbà òjò ló dára jù láti wọ̀n ọ́n, torí ọ̀rinrin máa ń fa nọ́ńbà náà wálẹ̀. Ohun tó ka 2 nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè má tó 1 ní oṣù keje.

Ká wá mú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní fíúsì márùn-ún. Mẹ́gà ka 3 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, 1.1 fún ilé ìdáná, 0.8 fún iná ìsàlẹ̀, 0.6 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá òkè, àti 0.2 fún iná òkè. Owó tó wà lọ́wọ́ kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Pálọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe," ni ìyá onílé á wí. "Àwọn tó máa kun ilé ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn. Tẹlifíṣọ̀n àti fáànù nìkan ló ń lò, wáyà rẹ̀ ló sì sàn jù. Mo máa la ọ̀nà sára ògiri báyìí kí wọ́n tó kùn ún. Ìgbà tí owó bá dé la máa fa wáyà sí i."

Ẹni tó bá ń wo mẹ́gà nìkan á mú iná òkè ṣáájú. Ó burú lóòótọ́, àmọ́ èmi ò ní gbà pẹ̀lú rẹ̀. Gílóòbù mẹ́fà ló wà lókè. Tí a bá fi irú tuntun tí kì í gbóná, oníwáátì 9, rọ́pò àwọn oníwáátì 60, gbogbo wọn ò ju wáátì 54 lọ, ooru tó ń jẹ rọ́bà náà á sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀wẹ̀, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá. Rédíò àti àtùpà orí tábìlì ni wọ́n fa wáyà onífọ́nrán mẹ́ta yẹn fún, lórí fíúsì 5. Éésì ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ń jẹ bíi wáátì 1,200, wọ́n sì tún ń fi áyọ́ọ̀nù oníwáátì 1,000 sí i láàárọ̀. Èyí ti ń lọ sí áńpù 10. Nígbà tí fíúsì ń já lójoojúmọ́, ẹnì kan ti lọ́ wáyà méjì pọ̀ sínú rẹ̀ kó má bàa já mọ́. Àwọn tó wà nínú ilé sì ń sùn nígbà tí wáyà náà ń gbóná. Òun ló yẹ kó ṣáájú.

Ilé ìdáná ló kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́gà rẹ̀ kọjá 1. Omi wà níbẹ̀, kẹ́tùlù onírin wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ oníhò méjì kò sì ní wáyà tó lọ sí ilẹ̀ tí iná lè gbà tó bá jò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná òkè, kí iná ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Àmọ́ tí òrùlé bá ń jò sórí àjà, ẹ yọ fíúsì iná òkè lónìí, kí ẹ máa lo àtùpà oníbátìrì títí wọn yóò fi fa tuntun.

Kí a tó fa ẹyọ wáyà kan, ó yẹ kí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀dù tuntun dúró, kí ọ̀pá bàbà áàtì sì ti wọlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù. Sákíìtì kọ̀ọ̀kan tó bá parí á kó lọ sórí bọ́ọ̀dù tuntun, àwọn tó ń dúró de owó á wà lórí fíúsì wọn àtijọ́. Éésì á gba wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó nípọn tó 4. Kí bọ́ọ̀dù náà ní bíríkà tó ń já tí iná bá jò tó 30 mílíáńpù. Ẹ má fi sákíìtì àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ wá bínú pé bíríkà náà kò dára torí pé ó ń já ṣáá.

Nínú páìpù irin, wọ́n máa ń so tuntun mọ́ àtijọ́ kí wọ́n fi fà á wọlé. Tí rọ́bà bá ti lẹ̀ mọ́ ara páìpù, kí wọ́n má fi agbára fà á, yóò já sínú ni. Ó sàn kí wọ́n gba ara ògiri lọ. Kí wọ́n má sì so tuntun mọ́ àtijọ́ nínú àjà torí àtidín owó kù, torí ìdí oríkèé yẹn gan-an ló máa ń gbóná. Láti òpó wá sí ìdí mítà kì í ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ iná yín, ti ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ni. Ẹni tí NEMSA fún ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ pè fún ìyókù.

Ohun kan ló lè da ètò yìí rú. Àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń kó wáyà sákíìtì méjì sínú páìpù kan, nígbà mìíràn wọ́n á jẹ́ kí iná òkè yá níútírà sọ́kẹ́ẹ̀tì lò. Tí wọ́n bá yọ fíúsì yàrá, tí wáyà inú rẹ̀ ṣì ń ta ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ló ti wá. Nígbà náà, àwọn méjèèjì ni wọn á jọ yọ lọ́jọ́ kan náà, ìyá onílé á sì ní láti wá owó iná òkè pẹ̀lú.