Ilé Inú Fọ́tò àti Ilé Orí Pulọ́ọ̀tì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò ilé kan ló wà lórí fóònù rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a ṣe é. Ó ní, "Akítẹ́ẹ̀tì, ilé tí mo fẹ́ rèé. Ẹ ṣáà bá mi yà á sórí ìwé kí bíríkìlà lè bẹ̀rẹ̀."

Fọ́tò náà wu ojú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti da wúrà sí iwájú ilé, òpó fàkìàfakia mẹ́rin dúró lẹ́nu ọ̀nà, gíláàsì ló sì wà níbi tó yẹ kí ògiri wà. Àmọ́ kò sí ilé náà níbì kankan láyé. Ẹ̀rọ ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ló yà á, irú `Midjourney` tàbí `Stable Diffusion`, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lèèyàn ń tẹ̀ fún un, àwòrán ló sì fi ń dá èèyàn lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ yìí là ń pè ní pírọ́ǹpù. Èmi náà ń lò ó fún àwọn oníbàárà, torí náà mo pe ọmọkùnrin ọ̀hún pé kó fi èyí tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó tẹ̀ rèé:

```
beautiful modern African bungalow, luxury, golden hour, photorealistic, 8k
```

Ó ní kó rẹwà, kó jẹ́ ti ìgbàlódé, kó jẹ́ ti Áfíríkà, kó jọ ti olówó, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ràn sí i, kó sì dà bí fọ́tò gidi. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó kan pulọ́ọ̀tì màmá. Abẹ́òkúta ni pulọ́ọ̀tì yẹn wà, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Ẹsẹ̀ bàtà 50 fi díẹ̀ ju mítà 15 lọ. A sì ti jọ fẹnu kò pé a ó fi mítà 3 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí náà ohun tó kù fún ìbú ilé kò ju nǹkan bíi mítà 9 lọ.

Mo tẹ fọ́tò náà jáde sórí ìwé, mo sì mú rúlà. Ilẹ̀kùn àbáwọlé lọ́dọ̀ wa sábà máa ń ga tó mítà 2.1. Lórí ìwé mi, ilẹ̀kùn yẹn ga ní sẹ̀ǹtímítà 3, èyí tó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún 70 lórí ilẹ̀. Ògiri iwájú fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 26. Ẹ ṣírò rẹ̀: ilé náà fẹ̀ ju mítà 18 lọ. Bí a bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, inú ọgbà aládùúgbò ni yàrá kan yóò bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú ìwọ̀n yìí wò gbọ́dọ̀ rí i pé ilẹ̀kùn àti ògiri tó ń wọ̀n wà ní ojú kan náà, torí ohun tó bá jìnnà sí kámẹ́rà máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun mìíràn tún fu mí lára. Ọwọ́ ilẹ̀kùn máa ń wà ní nǹkan bíi mítà kan sókè láti ilẹ̀, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín ilẹ̀kùn. Nínú fọ́tò yìí, ọwọ́ náà wà nísàlẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló tọ̀nà, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló ga ní mítà 3, ilé náà sì ti di mítà 26. Ilé kan náà, ìwọ̀n méjì, ìkankan kò sì wọ inú pulọ́ọ̀tì. Nígbà tí mo fi rúlà han màmá, ó wo ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn títí, ó ní, "Àfi kí n gun àpótí kí n tó lè kan ilẹ̀kùn lókè."

Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọkùnrin yẹn nìkan. Inú ọ̀kẹ́ àìmọye fọ́tò tí èèyàn ti kọ ọ̀rọ̀ sí lábẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ti kọ́ṣẹ́. Fọ́tò tí wọ́n bá kọ `luxury` sí, ilé ràgàjì ni, kámẹ́rà tó ń fẹ nǹkan lójú ni wọ́n sì fi yà á láti ìsàlẹ̀. Bí o bá ti tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ìbú àti gíga tó bá a rìn ló máa bá a wọlé. Kì í wọn nǹkan rárá. Mo ti tẹ "mítà 9" fún un rí, ó tún gbé mítà 20 fún mi. Ohun tó máa ń gbọ́ ni bí nǹkan ṣe jókòó ti ara wọn: ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan lápá kọ̀ọ̀kan rẹ̀, etí òrùlé tó sún mọ́ orí ilẹ̀kùn, kámẹ́rà tó dúró ní déédéé ojú èèyàn. Iwájú ilé tí fèrèsé méjì péré wà kò ní fẹ̀ lọ títí.

Ti òpó tún yàtọ̀. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pé `no columns`, ẹ̀rọ náà sì kó òpó mẹ́fà dé. Ọ̀rọ̀ òpó ló gbọ́, kò gbọ́ "má ṣe". Ní `Stable Diffusion`, àpótí ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní `negative prompt` wà fún ohun tí èèyàn kò fẹ́. Ní `Midjourney`, `--no columns` là ń tẹ̀ sí ìparí. Inú àpótí yẹn ni mo gbé òpó lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè di ilé mú sójú kan. Èyí tó dá mi lójú jù ni kí n fún un ní àwòrán ìlà ilé tí mo ti fi ìwọ̀n gidi yà, kí ó máa tẹ̀ lé e. `ControlNet` ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún `Stable Diffusion`: ìlà tèmi ló máa ń dúró, tirẹ̀ ni kó wọ ilé láṣọ. Nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí yóò ṣe gbọ́ràn tó. Mo fi sí `1.0`, ilé dúró. Mo ní kí n dẹ ọwọ́ díẹ̀, mo fi sí `0.5`, fèrèsé kẹta yọjú níbi tí bátírúùmù yẹ kó wà.

Ohun èlò ló tún kàn. Màmá fẹ́ kí ògiri tó yí ẹnu ọ̀nà ká jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a kò rẹ́, tí a kàn kùn ní ọ̀dà. Ó ti rí i ní ilé ẹnìkan, ó sì dín ìnáwó kù. Tí a bá tẹ `concrete` lásán, ògiri eérú dídán bíi ti mùsíọ́ọ̀mù ni yóò gbé wá. Tí a bá tẹ `brick`, bíríkì pupa kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń dé. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ pé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni, ó gbé búlọ́ọ̀kù dé lóòótọ́, àmọ́ mo kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìlà márùn-ún péré ni. Bíríkìlà èyíkéyìí yóò rẹ́rìn-ín. Búlọ́ọ̀kù wa ga ní sẹ̀ǹtímítà 22.5, tí a bá fi sìmẹ́ńtì tó wà láàárín kún un, ó di bíi 23.5. Láti ilẹ̀ dé orí ilẹ̀kùn, ìlà mẹ́sàn-án la gbọ́dọ̀ kà. Ìlà márùn-ún túmọ̀ sí búlọ́ọ̀kù tó ga ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, tí lébírà kan kò lè dá gbé. Mo tẹ `nine courses`, asán ni, torí kò mọ kíkà. Ìgbà tí mo fa ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sínú àwòrán ìlà tèmi ló tó tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ó kù oòrùn, ibẹ̀ ni mo rò pé àwa akítẹ́ẹ̀tì ti ń purọ́ jù láìmọ̀. Ilé màmá kọjú sí àríwá, torí ibẹ̀ ni títì wà. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kẹta, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lọ́dọ̀ wa. Ní gbogbo ìgbà yẹn, oòrùn kì í kan iwájú ilé tó kọjú sí àríwá, ì báà jẹ́ àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kìn-ín-ní, ẹ̀yìn ilé lápá ìwọ̀ oòrùn ló wà. Ògiri tó ga ní mítà 3 ń ju òjìji tó gùn ju mítà 5 lọ, díẹ̀ nínú òjìji náà sì bọ́ sí iwájú ilé. Wúrà inú fọ́tò yẹn kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ọyẹ́.

Àyíká oṣù Kẹfà ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń yà sí apá àríwá tó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kan iwájú ilé. Kì í pẹ́ níbẹ̀, torí oòrùn wa kì í fara balẹ̀ wọ̀: ìgbà tó pọ́n yòò gan-an kò tó ìdajì wákàtí. Ìgbà òjò sì tún ni oṣù Kẹfà. Ìyẹn ni mo fi ronú pé kí n kúkú gba òjò láàyè. Lẹ́yìn òjò, ìmọ́lẹ̀ máa ń rọ̀, òjìji kì í gbóná lójú, èèyàn sì lè rí bí páànù, ọ̀dà àti búlọ́ọ̀kù ṣe rí gan-an. Ohun tí mo wá tẹ̀ rèé:

```
front view of a narrow single-storey bungalow, eye-level camera,
one plain timber door, one window on each side of the door,
bare painted sandcrete blocks around the door,
cream painted plaster elsewhere, slightly mud-splashed at the base,
low-pitched matt grey aluminium roof, wide eaves,
overcast late afternoon just after rain, wet red laterite ground
```

Kò sí `beautiful` níbẹ̀, kò sí `luxury`. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni káfíńtà tàbí bíríkìlà lè fọwọ́ kàn, àfi òjò.

Mo tẹ èyí tó dára jù jáde, mo sì wọ̀n ọ́n: ilẹ̀kùn sẹ̀ǹtímítà 4, ògiri iwájú 17, ìyẹn bíi mítà 8.9. Mo ya obìnrin kan tó ga ní mítà 1.6 sí ẹnu ọ̀nà kí màmá lè rí bí òun yóò ṣe dúró níbẹ̀. Mo tún sọ fún un pé fọ́tò yìí kò mọ irin tó wà nínú bíìmù, kò sì mọ bí igi òrùlé ṣe so pọ̀. Inú pílánù ni bíríkìlà yóò ti mú ìwọ̀n, kò gbọdọ̀ mú un nínú fọ́tò.

Ó wò ó pẹ́. "Ó kéré," ó ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, bí ilẹ̀ yín ṣe tó nìyẹn. Ó tún fa ìwé náà súnmọ́ ojú. "Ta ló ní kí ilé mi dọ̀tí?"

Ẹrẹ̀ tí òjò ta sí ìsàlẹ̀ ògiri ló ń wí. Mo ní erùpẹ̀ pupa Abẹ́òkúta ni, pé bí ọ̀dà funfun-ràkọ̀ràkọ̀ yẹn bá kan ilẹ̀, òjò ọdún kìíní ni yóò sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní ilé bàbá òun láyé ọjọ́un ní ọ̀dà dúdú kan nísàlẹ̀ yíká, pé ṣé nítorí èyí ni. Mo ní nítorí èyí gan-an ni.

Mo fa ìlà kan sí sẹ̀ǹtímítà 60 láti ilẹ̀ nínú àwòrán ìlà, mo yọ ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ kúrò nínú pírọ́ǹpù, mo fi `dark brown painted band along the base` rọ́pò rẹ̀. Àwòrán mẹ́rin ló jáde. Nínú mẹ́ta, ọ̀dà náà gùn dé ẹsẹ̀ fèrèsé. Ẹ̀kẹrin ló dúró síbi tí mo fà á sí, òun ni màmá sì mú lọ sílé.