Àkọlé Fídíò Láìfù: Kó Tó Bẹ̀rẹ̀, Bó Ṣe Ń Lọ, Lẹ́yìn Tó Parí

Líǹkì kan ṣoṣo ni fídíò láìfù máa ń ní lórí YouTube, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde rẹ̀ títí di ìgbà tí èèyàn á máa wò ó lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá fídíò náà rìn, ìyẹn àkọlé, àpèjúwe àti àkókò, ló yẹ kó máa yí padà.

Ká ní ẹnì kan fẹ́ ṣe láìfù Ojúde Ọba 2025, tó wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 8 Okúdù, ọjọ́ kẹta Iléyá. Tó bá ti fi aago mẹ́wàá àárọ̀ sí i nínú YouTube Studio, aago mẹ́rin ìdájí ni ará Houston máa rí, torí YouTube ń ṣírò aago ibi tí òǹwòran wà. Aago tí wọ́n bá kọ sínú àkọlé kì í yí. Ó sàn kí àkọlé sọ ayẹyẹ, ọdún àti ìlú nìkan: “Ojúde Ọba 2025, Ìjẹ̀bú-Òde”. Kò yẹ kí “LÁÌFÙ” wọ inú rẹ̀: YouTube fúnra rẹ̀ ń lẹ àmì yẹn mọ́ fídíò, ó sì ń yọ ọ́ tó bá parí.

Nígbà tí láìfù bá ń lọ, nẹ́tíwọọ̀kì ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bí “Enable Auto-stop” bá wà ní títàn, àwòrán tó já lè parí gbogbo ètò náà. Wọ́n á wá ṣí òmíràn tó ní líǹkì tuntun, nígbà tí àwọn tó ti gba líǹkì àkọ́kọ́ lórí WhatsApp á máa wo ibi tí ohunkóhun kò ti ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí wọ́n pa á kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan sì máa kọ aago tí nǹkan kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé yẹn ló máa wúlò lẹ́yìn náà. Bí láìfù bá bẹ̀rẹ̀ ní 10:00 tí àwọn ẹlẹ́ṣin sì jáde ní 11:25, orí wọn á wà ní 1:25:00. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé ogún ìṣẹ́jú ìdúró kúrò níwájú, ó di 1:05:00. Kí gígé ṣáájú kíkọ orí, nìyẹn. Fídíò tó bá ju wákàtí mẹ́fà lọ kò ṣeé gé nínú Studio. Orí gbọ́dọ̀ tó mẹ́ta, kí àkọ́kọ́ sì jẹ́ 0:00:

```
0:00 Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀
18:30 Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́
1:05:00 Ìdílé Balógun lórí ẹṣin
```

Àkọlé àtúnwò wá lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: “Ojúde Ọba 2025: Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti ìdílé Balógun lórí ẹṣin”. YouTube ò gbà ju lẹ́tà 100 lọ, ojú fóònù sì máa ń gé ìparí rẹ̀, nítorí náà orúkọ ayẹyẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Inú àpèjúwe náà, kí “ẹ dara pọ̀ mọ́ wa lọ́la” di “ó wáyé ní 8 Okúdù 2025”.