Ibi Tó Yẹ Kí Fídíò Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà Ti Dákẹ́

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kọ́ Excel lórí YouTube yóò ti bá irú fídíò yìí pàdé. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀, máòsì ń sáré kiri, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì tó rí bọ́tìnì àkọ́kọ́, wọ́n ti tẹ ìkẹta. Ó dá fídíò dúró, ó dá a padà, kò tún mọ ibi tó bá a dé mọ́. Ẹ̀rọ tó gba fídíò náà sílẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Kò sí ìwé tí olùkọ́ kọ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà nínú ìwé ọ̀hún.

Ká mú ẹ̀kọ́ kékeré kan wò. Olùkọ́ kan fẹ́ fi han àwọn onísọ́ọ̀bù bí Excel ṣe ń ro owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Owó ọjọ́ méje wà láti B2 dé B8: 12500, 9000, 15200, 8300, 11000, 20000 àti 14000. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ sínú B9 kò ju èyí lọ:

```
=SUM(B2:B8)
```

Èsì rẹ̀ ni 90000. Lójú ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, kò tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tó dáa, ìlà kan ṣoṣo yìí máa ń gbà tó ìdajì ojú ewé, torí nǹkan mẹ́ta ni olùkọ́ ń kọ fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ẹnu yóò sọ, ohun tí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi hàn, àti bí ìdákẹ́ yóò ṣe gùn tó. Bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ṣe rí nìyí:

Ohùn: "Lábẹ́ owó tó kẹ́yìn, àpótí òfìfo kan wà. B9 nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan."
Ojú kọ̀ǹpútà: Ti fẹ̀ dé 200%. Máòsì dúró jẹ́ẹ́ títí ohùn yóò fi parí, lẹ́yìn náà ó rọra lọ sí B9, ó tẹ̀ ẹ́.
Ìdákẹ́: ìṣẹ́jú àáyá 6. Máòsì má ṣe kúrò níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ohùn ló ṣáájú, ọwọ́ ló tẹ̀ lé e. Bí méjèèjì bá jọ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ orúkọ ohun tó ti kọjá lójú rẹ̀. Olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ sọ pé "ẹ tẹ ibí yìí", torí ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù tí kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀ kò lè máa wo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdákẹ́ gan-an wá ńkọ́? Oríṣi méjì ló wà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní wà fún iṣẹ́ kékeré: fídíò ṣì ń lọ, ohùn nìkan ló dákẹ́. Fọ́múlà tó wà lókè yìí jẹ́ àmì 11. Ẹni tó ń fi ìka kan tẹ̀wé, tó tún ní láti wá Shift kó tó rí àkámọ́ tẹ̀, lè lo ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí olùkọ́ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kó ka àkókò rẹ̀, iye yẹn ni kó kọ sínú ìwé. Kò sí ìdí láti fi orin dí àlàfo náà.

Oríṣi kejì wà fún iṣẹ́ tó gùn, bíi títẹ owó ọjọ́ méjèèje. Níbẹ̀, ohùn á sọ pé "Ẹ dá fídíò dúró, ẹ tẹ àwọn owó yìí tán, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú." Gbogbo owó náà gbọ́dọ̀ wà lójú kedere, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, nítorí lórí fóònù, ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ máa ń gbé bọ́tìnì jáde ni, ìkejì ló ń dá fídíò dúró.

Lẹ́yìn ìdákẹ́, ìwé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí: "90000 ló yẹ kó wà ní B9." Ibí yìí gan-an ni fídíò púpọ̀ ti ń já akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Onísọ́ọ̀bù tó kọ N8300 dípò 8300 yóò rí 81700, kò sì ní rí àmì àṣìṣe kankan. Excel ka N8300 sí ọ̀rọ̀, SUM sì fò ó dá. Olùkọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ á kọ ìlà kan kún un: "Bí owó kan bá fara ti apá òsì àpótí rẹ̀, tí àwọn yòókù fara ti ọ̀tún, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un tẹ̀ láìsí N." Kí ìdákẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí èyí bá parí ló kan OBS Studio, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí ohunkóhun tí a bá fi ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kí a pa ìkéde WhatsApp àti ímeèlì kọ́kọ́, kí a sì gba ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àṣìṣe kan má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tan OBS rárá, ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ Excel, ẹ ka ìwé náà sí i létí bó ṣe jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ má sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ohunkóhun. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró tó ń wo ojú yín, ẹ sàmì sí i. Ìdákẹ́ kan tàbí gbólóhùn kan ló kù níbẹ̀.